Ìdánwò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bá mi wo táìmù-tébù mi

Ọmọ Kàbà: Òkun o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún tí mo máa jáde rèé, kọ̀mpútà ni mò ń kà, mo wà nílé ní Kàbà báyìí, ìdánwò nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa sì ku ọjọ́ mẹ́rìnlá géérégé. Ìbéèrè mẹ́fà ni wọ́n máa ń gbé wá, a ó mú mẹ́rin, ìṣirò kì í dín ní méjì níbẹ̀. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni pé màá fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ka tíọ́rì, màá fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe ìṣirò, màá wá fi ọjọ́ mẹ́ta tó kù wo páàsì kúẹ́ṣìn. Wákàtí mẹ́rin ni mo ní lójúmọ́ torí mò ń bá màmá mi jókòó nísọ̀ iṣu. Ìṣirò ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọmọ Mọ̀pà: Bọ̀dá, má da ara ẹ láàmú. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń yí lọ yí bọ̀. Há páàsì kúẹ́ṣìn ọdún márùn-ún sórí, ó tán.

Ìyá Ìbejì Ìyàrà: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí yìí gan-an ò dáa o, àfi kéèyàn jáde síta kó tó gba ìpè. Tó bá jẹ́ orí kọ̀mpútà lẹ ti fẹ́ ṣe é, ẹ tètè lọ sí Lọ́kọ́jà.

Tíṣà Ìsánlú: Màmá, orúkọ iṣẹ́ tó ń kà ni 😂. Ọmọ Kàbà, o fi ìdí táìmù-tébù yẹn sókè. Ọ̀la, kó o tó ṣí ìwé kankan, mú páàsì kúẹ́ṣìn ọdún kan kó o jókòó tì í bíi pé inú họ́ọ̀lù lo wà, wákàtí mẹ́ta. Ibi tó o bá ti kù díẹ̀ káàtó ni wàá mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Láti ọjọ́ kejì dé ìkẹsàn-án, ìṣirò ni kó o kọ́kọ́ fi ṣíde lójoojúmọ́, bíi wákàtí kan ààbọ̀, kí tíọ́rì gba ìyókù. Ọjọ́ kẹwàá àti ìkejìlá, páàsì kúẹ́ṣìn odindi, ọjọ́ tó bá tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtúnṣe àṣìṣe nìkan. Ọjọ́ kẹrìnlá, fọ́múlà, kó o sùn.

Ọmọ Mọ̀pà, òótọ́ ni pé wọ́n ń tún un béèrè, àmọ́ nọ́ńbà ni wọ́n ń yí. Wọ́n ní 192.168.10.77/27, o mọ̀ pé 32 ni wọ́n fi ń fò, 77 bọ́ sáàárín 64 àti 95, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ni .64, bródkáàsì ẹ̀ ni .95. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n sọ ọ́ di /28. 16 ni wọ́n ń fò báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà ní .64 síbẹ̀, ẹni tó há a sórí á rò pé òun ti gbà á, á sì kọ .95 nígbà tó jẹ́ .79.

Ọmọ Mọ̀pà: Hmm. Ìyẹn pa mí lọ́dún tó kọjá.

Ọmọ Kàbà: Tíṣà, ẹ ṣé gan-an. Mi ò tiẹ̀ lè dúró dọ̀la, mo ti mú ẹyọ kan. Wọ́n ní báńwíìdì jẹ́ 3000 Hz, S/N jẹ́ 30 dB, ká wá iye tí ọ̀nà náà lè gbé. Mo lo C = B log2(1 + S/N), mo rí 14,863, ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé ní nǹkan bí 29,900. Ìwé ló ṣì í àbí èmi?

Tíṣà Ìsánlú: Ìwọ ni. O ki 30 bọ inú fọ́múlà bó ṣe wà. Tó o bá ti rí dB, kọ́kọ́ tú u: 30 pín sí 10 jẹ́ 3, 10 lọ́nà agbára 3 jẹ́ 1000. Tẹ log 1001, pín in sí log 2, wàá rí bíi 9.967, fi 3000 sọ ọ́ di púpọ̀, 29,902 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní wọ́n kọ S/N = 30 lásán tí kò sí dB, tìẹ ni ì bá tọ̀nà. Torí náà fa ìlà sábẹ́ dB kó o tó tẹ ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́jà: Báìtì ló ṣe tèmi o. Pákẹ́ẹ̀tì 1500 báìtì lórí ìlà 10 Mbps, mo kọ 0.15 ms tayọ̀tayọ̀, mi ò rántí fi 8 sọ báìtì di bíìtì. 1.2 ms ni. Máàkì mẹ́fà ló lọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Tíṣà, mi ò fara mọ́ kí ìṣirò ṣáájú o, àárọ̀ kùtù ni tíọ́rì máa ń wọlé sí èmi lórí, ìṣirò á sì jí mi lálẹ́ tí oorun bá dé.

Tíṣà Ìsánlú: Tìẹ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Àṣìṣe dB àti báìtì yẹn, nígbà tó bá rẹ èèyàn ló máa ń wọlé.

Ọmọ Kàbà: Màá gbìyànjú méjèèjì ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, èyí tí àṣìṣe ẹ̀ bá kéré ni màá mú. Tíọ́rì ńkọ́? OSI àti bí TCP ṣe ń kí ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń kà á mo ń gbàgbé.

Tíṣà Ìsánlú: Má kà á, yà á. Pa ìwé dé, fa ìlà méjì, fi ọfà SYN, SYN-ACK, ACK sí i pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé lọ, lẹ́yìn náà ṣí ìwé kó o fi wé e. Ibi tí ọfà bá ti dàrú nìkan ni kó o kà.

Ìyá Ìbejì Ìyàrà: Ṣé iṣu yín ṣì wà lọ́jà lọ́la tẹ́ ẹ bá jókòó wákàtí mẹ́ta?

Ọmọ Kàbà: Wọ́n wà mà, àbúrò mi ló máa jókòó.