Re: «Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún» lára àpò ajílẹ̀: àpò 8 ni àbí 18?

Atúmọ̀-Ìwé kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn tó ń gbin àgbàdo. Ajílẹ̀ alápòpọ̀ tí ìwé náà ń sọ wà nínú àpò kílò 50, NPK 15-15-15 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Mo kọ ọ́ pé «ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ ni náítírójìn», mo sì kọ àwọn méjì yòókù bẹ́ẹ̀, ìyẹn P2O5 tí wọ́n fi ń ka fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti K2O tí wọ́n fi ń ka pọ̀táṣíọ̀mù. Ilẹ̀ náà ń fẹ́ 120 kílò náítírójìn, 60 kílò P2O5 àti 60 kílò K2O lórí hẹ́kítà kan. Àgbẹ̀ kan ka iṣẹ́ mi, ó ní àpò 18 ni òun máa rà kí P2O5 tó pé. Àpò 8 ló wà nínú ìwé tí mo ń túmọ̀. Níbo ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Ṣé kí n kúkú kọ «ọ̀rúndá», ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún?

Àgbà Olùkọ́ kọ pé:

Ọmọ mi, àgbẹ̀ yẹn kò jẹ̀bi. Yorùbá tí o kọ fún un ló kà. Ìdámẹ́ta ni ọ̀kan nínú mẹ́ta, ìdámẹ́rin ni ọ̀kan nínú mẹ́rin, kò sì sí ẹni tí kò mọ ìdámẹ́wàá. Kí ni ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò wá jẹ́ bí kò ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ó ka 60 lọ́nà 15, ó rí 900 kílò, ó fi 50 pín in, ó kan 18. Ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré. «Ìdá» tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan lóde òní ló ba iṣẹ́ náà jẹ́, ó sì ń dùn mí torí ó ti wọ inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́.

Bí a bá perí ajá, ká perí ìkòkò tí a fi sè é. Kọ ọ́ pé «15 nínú ọgọ́rùn-ún», kí ọgọ́rùn-ún náà hàn sójú. Àwọn tó tọ́ wa dàgbà kì í dárúkọ ìpín láìdárúkọ ohun tí wọ́n ti pín in.

Ọ̀rúndá ńkọ́? Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Onímọ̀-Ilẹ̀ kọ pé:

Mo wà lẹ́yìn Bàbá. Iṣẹ́ mi ni ìṣirò yìí, ẹ jẹ́ n gba ẹ̀gbẹ́ àpò sọ ọ́. Bí ẹ bá kó ajílẹ̀ yẹn jọ tó 100 kílò, kílò 15 inú rẹ̀ ni náítírójìn. Àpò kan jẹ́ ìdajì ìyẹn, nítorí náà kílò 7.5 ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni P2O5 rí, bẹ́ẹ̀ ni K2O rí. Ẹ fi 7.5 pín 60, àpò 8 ló máa jáde, ìyẹn 400 kílò.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti 60 dípò 120 ni èyí tó yẹ kí ìwé náà là yé àgbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fi ajílẹ̀ yìí nìkan pèsè 120 kílò náítírójìn, àpò 16 ni, P2O5 àti K2O á sì di 120 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po méjì ohun tí ilẹ̀ bèèrè. Ẹ jẹ́ kí alápòpọ̀ kún 60-60-60 náà, kí yùríà wá parí náítírójìn tó kù. Yùríà ní 46 nínú ọgọ́rùn-ún: ẹ ka 60 lọ́nà 100, kí ẹ fi 46 pín in, ó máa jẹ́ nǹkan bí 130 kílò. Àpò méjì àti ọgbọ̀n kílò nìyẹn. Alápòpọ̀ ní ìgbà gbíngbìn, yùríà nígbà tí àgbàdo bá ga dé orúnkún, kí wọ́n sì fi erùpẹ̀ bò ó, torí bí ó bá wà lórí ilẹ̀ gbalasa, púpọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ọmọ Oníṣirò kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ mú un gba ọ̀nà jíjìn. 15 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 45. Oúnjẹ inú àpò kan jẹ́ kílò 22.5. Ilẹ̀ ń fẹ́ 120 àti 60 àti 60, àpapọ̀ rẹ̀ 240. Ẹ fi 22.5 pín 240, kò tó àpò 11. Ó tán, a ò nílò yùríà kankan.

Onímọ̀-Ilẹ̀ kọ pé:

Àbúrò, òótọ́ ni 22.5 yẹn. Ibi tó ti yà kúrò lọ́nà ni pé ilẹ̀ kì í gba ọ̀kan rọ́pò èkejì. Àpò 10 àti díẹ̀ tí o rí yẹn máa gbé 80 kílò wá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Náítírójìn fi 40 dín, àwọn méjì tó kù fi 20 lé. Oko á sì sọ ọ́: ewé ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pupa rúsúrúsú láti ṣóńṣó, á gba àárín ewé bọ̀ wá sídìí, etí ewé á ṣì tutù. Ẹni tó bá rí i lè sáré lọ ra alápòpọ̀ kún un, nígbà tó jẹ́ pé náítírójìn nìkan ni ebi rẹ̀ ń pa ọ̀gbìn.

Ìyá Olóko kọ pé:

Ẹ jókòó ti ìdá, «ajílẹ̀» ni èmi ń bínú sí. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà àti ilẹ̀ ààtàn ni àwọn ìyá wa ń pè ní ajílẹ̀. Ohun tó funfun wínníwínní nínú àpò yìí, fẹtiláísà ni. Èmi ń lo ìgbẹ́ adìyẹ. Ṣé 15 náà ni kí n fi pín in?

Onímọ̀-Ilẹ̀ kọ pé:

Rárá o, Mà. Àpò ni wọ́n tẹ 15 sí lára, kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sára ìgbẹ́ adìyẹ. Bí ó ṣe gbẹ sí àti ohun tí adìyẹ jẹ ló ń pinnu rẹ̀, ẹ ní láti mú un lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó rí nọ́ńbà tí ẹ máa fi pín. Ní ti orúkọ, ẹnu mi ti mọ́ ajílẹ̀ fún méjèèjì.

Atúmọ̀-Ìwé, ẹ má ṣe yí P2O5 padà sí «fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì» lásán. Kílò 7.5 P2O5 inú àpò kan kò ju kílò 3.3 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an lọ. Àwọn ibi àyẹ̀wò kan máa ń kọ P lásán: 26 kílò P fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 60 kílò P2O5. Ẹni tó bá fi 7.5 pín 26 á ra àpò mẹ́ta ààbọ̀, kò ní tó ìdajì ohun tó yẹ.

Atúmọ̀-Ìwé kọ pé:

Ẹ ṣeun. «Kílò 15 nínú ọgọ́rùn-ún kílò» ni mo ti fi sínú ìwé. Ṣùgbọ́n orí ọ̀wọ́n inú tábìlì kò gbà á, ó gùn jù, ọ̀rúndá ni mo fi síbẹ̀. Bàbá, gbogbo wa ń sọ ọ̀rúndún. Bí ọdún bá lè sọ ọ rẹ̀ nù lẹ́yìn ọ̀rún, kí ló dé tí ìdá kò lè sọ ì rẹ̀ nù?

Àgbà Olùkọ́ kọ pé:

Torí pé bí ì bá ti lọ, «dá» lásán ló kù, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Dún kò dá dúró fún nǹkan kan nínú ọ̀rúndún, ọdún ni gbogbo ayé ń gbọ́. Ta ló máa gbọ́ ìpín nínú ọ̀rúndá? Yọ ọ́ kúrò. Bí tábìlì bá kéré, fẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Oníṣirò kọ pé:

Bàbá, èmi gbọ́ ìpín níbẹ̀ kíá.