Kíríatíìnì ọjà gbangba: ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, kí ló sì yẹ̀ wò níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì (Pẹ́kámù): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi ọkùnrin ń sáré fún kíláàbù kan níbí, kóòṣì rẹ̀ sì ní ó lè máa lo kíríatíìnì, páúdà tó ń fún iṣan lágbára. Ẹnì kan ń tà á lórí tábìlì ní ọjà ọjọ́ Àìkú, ike 500 gíráàmù ní pọ́n-ùn 7. Iye rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Wọ́n kọ ọ́ sí ara ike náà pé ó mọ́ tó 99.9%, àmì Informed Sport sì wà níwájú rẹ̀. Ṣé kí n rà á?

Bọ̀dé (Bámínhámù): Àǹtí, ẹ bu síbí kan sínú omi tútù kí ẹ rò ó. Tó bá yòrò pátá, ojúlówó ni. Tó bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ bí iyanrìn, ayédèrú ni.

Ṣadé (Líìdì): Bọ̀ọ̀dá Bọ̀dé, ẹ má bínú, òdìkejì rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́. Láàbù ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kíríatíìnì kì í tètè yòrò nínú omi tútù. Lítà omi kan tí kò gbóná kò lè gbà ju bíi gíráàmù 14 lọ, ife 250 mílílítà kò sì ní gbà tó gíráàmù 4. Ẹni tó bá bu gíráàmù 5 sí i máa rí èyí tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Èyí tó yẹ kó kọ yín lóminú ni páúdà tó pòórá lójú ẹsẹ̀ nínú omi tútù, tó sì dùn lẹ́nu nígbà tí wọ́n ní kò sí àdídùn kankan nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣúgà tàbí irú ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ti sọ di aláyòrò ni wọ́n pò mọ́ ọn.

Bọ̀dé: Èyí tí mo ń lò kì í fi nǹkan sílẹ̀ o, ṣọ́ọ̀bù gidi ni mo sì ti rà á.

Ṣadé: Àwọn kan máa ń lọ̀ ọ́ kúnná gan-an, á wá máa léfòó nínú omi bíi pé ó ti yòrò. Ẹ gbé ife náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó rí ohun tó máa rọ̀ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò inú ife kò lè fi òjé hàn wá, kò sì lè fi oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀ fún eléré ìdárayá hàn. Ìyẹn gan-an ló sì kan ọmọ Àǹtí.

Àǹtí, 99.9% yẹn, ẹni tó ń tà á ló sọ ọ́ nípa ọjà ara rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni pé ta ló yẹ̀ ẹ́ wò yàtọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ LGC ló ń bójú tó Informed Sport. Gbogbo báàṣì, ìyẹn ọjà tí wọ́n jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá wà nínú ètò yẹn ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún oògùn èèwọ̀ kí ó tó dé ọjà. Àmọ́ ẹnikẹ́ni lè tẹ àmì náà sí ara ike. Ẹ lọ sí ìkànnì wọn, ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà orúkọ ọjà àti adùn rẹ̀, kí ẹ wá fi nọ́ńbà báàṣì tó wà lára ike yín wé àwọn tó wà níbẹ̀.

Bàbá Àṣàkẹ́ (Mánṣẹ́sítà): Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó ṣọ́ra o. Èmi náà lo nǹkan yìí, ni dókítà bá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní kíríatíníìnì mi ga, pé ó lè jẹ́ kíndìnrín. Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi!

Ṣadé: Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ayédèrú ni. Nínú ara wa, kíríatíìnì máa ń di kíríatíníìnì, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń dà jáde, nítorí náà ó lè gbé nọ́ńbà yẹn sókè lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ le koko. Ṣé ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń lò ó?

Bàbá Àṣàkẹ́: Rárá. Kò bi mí.

Ṣadé: Ẹ sọ fún un kíákíá, kí ẹ sì bi í bóyá ẹ lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní `cystatin C`, torí kíríatíìnì kì í da ìyẹn rú. Òun ló máa sọ bí kíndìnrín yín ṣe wà, kì í ṣe àwa níbí.

Ìyá Ìbejì: Mo ti padà lọ ya fọ́tò ike náà. Ilé-iṣẹ́ yẹn wà lórí ìkànnì, ọjà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà báàṣì yìí kò sí. Orí sítíkà ni wọ́n kọ ọ́ sí, mo sì rí ìkọ̀wé mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ gíráàmù 500, ìlò kan gíráàmù 5, ìlò 60.

Ṣadé: Ẹ ṣe ìṣirò yẹn, Àǹtí. 60 lọ́nà 5, 300 ni. Ike 500 yẹ kó ní ìlò 100. Ó jọ pé lébẹ́ẹ̀lì ike 300 gíráàmù ni wọ́n dà kọ, tí wọ́n yí ìwọ̀n tó wà níwájú padà, tí wọ́n sì gbàgbé èyí tó wà lẹ́yìn. Báàṣì tí kò sí lórí ìkànnì nìkan lè jẹ́ àṣìṣe, sítíkà nìkan lè jẹ́ àṣìṣe. Ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ fi í sílẹ̀.

Kúnlé (Húsítọ̀n): Níbí, NSF Certified for Sport la máa ń wá. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ohun tó wà nínú ike bá ohun tí wọ́n kọ sí i mu. Ìṣòro tèmi ni àbúrò mi ní Èkó. Ẹni tó ń tà fún un ní Ìdúmọ̀tà fi ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ lórí fóònù, nọ́ńbà NAFDAC sì wà lára ike. Ṣé ó tó?

Ṣadé: Nọ́ńbà NAFDAC túmọ̀ sí pé wọ́n forúkọ ọjà sílẹ̀. Kò sọ ohun tó wà nínú ike tó wà lọ́wọ́ àbúrò yín, wọ́n sì lè da nọ́ńbà ẹlòmíràn kọ. Nínú ìwé àyẹ̀wò náà, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá nọ́ńbà báàṣì ibẹ̀ bá ti ara ike mu. Ẹ tún wo láàbù tó ṣe é, kó má jẹ́ ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé náà láti bi wọ́n bóyá àwọn ló kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá iye òjé àti àséníìkì níbẹ̀, kí ẹ sì wá iye `dicyandiamide` àti `dihydrotriazine`. Méjèèjì yìí máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá ń ṣe kíríatíìnì tí wọn kò sì fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa. Ìwé tó kàn kọ ọ́ pé ó mọ́, láìsí nọ́ńbà kankan, kò wúlò.

Kúnlé: Ó tún ń wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké láti inú àpò ńlá.

Ṣadé: Kó má ra ìyẹn. Tí wọ́n bá ti tú u kúrò nínú ike rẹ̀, kò sí ìwé tó lè jẹ́rìí sí i mọ́. Ẹ̀yin náà, tí ike yín bá ṣófo, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà rọ nǹkan mìíràn sínú rẹ̀.

Bọ̀dé: Kí wọ́n kúkú ra Creapure, ti Jámánì. Ìyókù, láti Ṣáínà ni.

Ṣadé: Òótọ́ ni, Alzchem ló ń ṣe é ní Trostberg, mo sì fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń rọ ọ́ sínú ike, ibẹ̀ ni nǹkan lè ti kó wọ̀ ọ́. Mi ò sì gbà pé ti Ṣáínà tó ní ìwé tó péye burú.

Bọ̀dé: Àwa méjèèjì kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi ti rí ọ̀kan tí báàṣì rẹ̀ wà lórí ìkànnì. Ṣé ọkàn mi lè wá balẹ̀?

Ṣadé: Ó sàn gan-an, Àǹtí, àmọ́ àwọn UKAD tó ń gbógun ti oògùn èèwọ̀ nínú eré ìdárayá níbí fúnra wọn sọ pé kò sí èyí tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà fún pátápátá. Tí wọ́n bá rí oògùn èèwọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, òun ló máa jíhìn, ibi yòówù kó ti wọlé. Kó ya fọ́tò ojú ìkànnì náà lọ́jọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọjọ́ hàn níbẹ̀, kó tọ́jú rísíìtì, kó sì ya ìsàlẹ̀ ike níbi tí báàṣì wà. Tó bá ra ike mìíràn, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí báàṣì ti yí padà nìyẹn.