Èdè méjì, àwòrán kan: ibo ni kí n kọ ọ̀rọ̀ sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mo wà, mò ń ṣe ìwé alááwòrán Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì fáwọn ọmọdé. Àwòrán àwọn amọ̀kòkò àdúgbò Dada níbi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò ló dà mí láàmú. Mo kọ Yorùbá sórí èéfín, àmì ohùn sì pòórá sínú rẹ̀. Mo tún sún àwọn ìlà mọ́ra kí Gẹ̀ẹ́sì lè ráyè, ni àmì abẹ́ "ọ" bá ń kan àmì ohùn ìlà tó tẹ̀ lé e. Mo wá fẹ ààyè àárín ìlà: lẹ́tà jẹ́ pọ́ìǹtì 18, ìlà kan sí èkejì jẹ́ pọ́ìǹtì 28. Yorùbá mọ́ lójú wàyí, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti bo ìkòkò (ìkòkò tí a torí ẹ̀ yàwòrán!). Ṣé kí ayàwòrán fi sánmà sílẹ̀ lófìfo fún Yorùbá, kí Gẹ̀ẹ́sì wà lórí ilẹ̀, àbí kí ọ̀rọ̀ méjèèjì bọ́ sí ojú ewé òsì, kí àwòrán gba ọ̀tún?