Ìfitónilétí ò dé àfi tí mo bá ṣí áàpù: kí ni mo tún lè ṣe?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ fóònù mi. Áàpù tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ fún wa níbi iṣẹ́ kì í dún mọ́. Lálẹ́ àná, ọ̀gá mi fi iṣẹ́ àárọ̀ ránṣẹ́ ní aago 10:14. Mi ò tíì sùn nígbà yẹn, fóònù wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò dún rárá. Àárọ̀ yìí, aago 6:02, ni mo ṣí áàpù náà, ni ìfitónilétí mẹ́ta bá ya wọlé pọ̀ bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dúró dè mí. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀gá rò pé mo rí i tí mo kàn dákẹ́ ni. Mo ti gbé ohùn sókè. Mo wo Notifications, gbogbo rẹ̀ ló wà ní títàn. Mo yọ áàpù náà kúrò, mo tún un gbé wọlé, ọjọ́ kan péré ló fi dáa. Áńdírọ́ìdì ni mo ń lò.

Ayọ̀:
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa Data Saver, ó parí.

Ìyá Ìbejì:
Wàífáì ni mo ń lò nínú ilé, Data Saver sì wà ní pípa tipẹ́. Áàpù mìíràn ń dún lójú ẹsẹ̀ lórí fóònù yìí kan náà.

Atúnfóònùṣe:
Ayọ̀ ò parọ́ o, Data Saver máa ń dí áàpù tí kò sí lójú lọ́wọ́ dátà. Àmọ́ lórí wàífáì, kò ní agbára kankan.

Ìyá Ìbejì, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ dá mi lóhùn: ṣé nígbà tí ẹ gbé fóònù tí ojú rẹ̀ tàn ni àwọn ìfitónilétí yẹn wọlé, àbí ó di ìgbà tí ẹ tẹ áàpù yẹn gan-an? Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Láti ìgbà Áńdírọ́ìdì 6, lọ́dún 2015, fóònù tí kò sí lórí ṣájà, tí wọ́n gbé kalẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì kú, á sùn lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti sùn, kò ní jẹ́ kí àwọn áàpù lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì bó ṣe wù wọ́n. Á máa lajú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀, kí olúkúlùkù sáré ṣe tiẹ̀, á tún padà sùn. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni àárín ìlajú kan sí èkejì ń gùn sí i. Ìròyìn tí àwọn tó ni áàpù fi àmì kánjúkánjú sí lè jí i. Èyí tí wọn ò fi àmì sí á dúró títí fóònù á fi lajú fúnra rẹ̀, tàbí tí ẹ bá tan ojú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ojú fóònù tàn ló wọlé, ẹ̀bi lè má wà lọ́dọ̀ yín rárá.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àfi tí ẹ bá ṣí áàpù náà, ẹnì kan ti so ó lọ́wọ́ so ó lẹ́sẹ̀. Oorun kọ́ nìyẹn.

Dàpọ̀:
Tèmi lórí áífóònù, ó ń dé lásìkò, ó kàn ń dákẹ́ ni. Ṣé bátìrì náà ni?

Atúnfóònùṣe:
Rárá o. Ẹ wò ó bóyá Focus wà ní títàn.

Ìyá Ìbejì:
Mo wò ó dáadáa lálẹ́ yìí. Mo tan ojú fóònù, mo dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí nǹkan. Mo tẹ áàpù, wọ́n dà wọlé.

Atúnfóònùṣe:
Ó ku ẹ̀rí kan. Ẹ fi fóònù sórí ṣájà, ẹ pa ojú rẹ̀, kí ẹnì kan fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Fóònù tó wà lórí ṣájà kì í sùn oorun yẹn. Bí kò bá dé síbẹ̀, ẹ tẹ àwòrán áàpù náà mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe ṣí i o, ẹ wọ App info, kí ẹ wo bọ́tìnnì Force stop. Tó bá ti ṣú tí kò ṣeé tẹ̀, wọ́n ti dá áàpù yẹn dúró pátápátá nìyẹn. Áńdírọ́ìdì kì í fún áàpù tó wà ní ipò yẹn ní ìròyìn kankan, bó ti wù kó jẹ́ kánjúkánjú tó, àfi tí olówó rẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Ó ṣú lóòótọ́! Kò sì dé lórí ṣájà. Àmọ́ mo ti wọ Battery níbẹ̀, mo ti gbé e kúrò ní Optimized sí Unrestricted láti ọjọ́ Ajé.

Atúnfóònùṣe:
Unrestricted ń gbà á lọ́wọ́ oorun ni, kò lè jí èyí tí wọ́n ti dá dúró. Ṣé ẹ máa ń gbá àwọn áàpù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò dànù kí ẹ tó sùn?

Ìyá Ìbejì:
Gbogbo alẹ́ ni. Ṣebí kí bátìrì má baà tán ni. Bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ tí mo máa ń tẹ̀, á kó gbogbo wọn lọ.

Atúnfóònùṣe:
Ibẹ̀ ló wà. Lórí Áńdírọ́ìdì lásán, ìgbálẹ̀ yẹn kì í dí ìròyìn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe fóònù ti yí i padà: tẹ́ ẹ bá gbá a, ó dọ́gba pẹ̀lú pé ẹ tẹ Force stop. Ìdí nìyẹn tó fi dáa fún ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ẹ tún un gbé wọlé. Ẹ ṣí i lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́, alẹ́ lé, ẹ gbá a. Áàpù mìíràn tó ń dún yẹn, wọ́n lè ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù.

Ẹ wá Autostart nínú Settings, òun ló ń jẹ́ kí áàpù lè dìde fúnra rẹ̀, ẹ tàn án fún áàpù yẹn nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, ẹ tẹ áàpù náà mọ́lẹ̀, tí ẹ bá rí àmì àgádágodo, ẹ tì í.

Ayọ̀:
Ṣé bátìrì ò ní tètè tán báyìí?

Atúnfóònùṣe:
Áàpù kan tó kàn ń retí ìròyìn kì í jẹ nǹkan tó pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọ̀nà kan náà, tí Gúgù là sílẹ̀, wọlé. Tí ẹ bá ní kí ogún áàpù wà ní Unrestricted, èmi náà á gbà pẹ̀lú yín.

Ìyá Ìbejì:
Ọjọ́ kẹta rèé. Mi ò gbá nǹkan kan dànù mọ́, mo tan Autostart. Lálẹ́ àná, iṣẹ́ wọlé ní 9:47, ọ̀gá ní 9:47 ni òun fi í ránṣẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an ni. Áàpù lẹ́tà mi nìkan ló ṣì ń pẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú.

Atúnfóònùṣe:
Ó lè jẹ́ pé ìyẹn kì í dúró de ìròyìn, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ wò ó bóyá lẹ́tà dé. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ẹ máa rí iye ìṣẹ́jú tó fi ń lọ wò ó. Tó bá jẹ́ 15 ni wọ́n kọ, kò sí ohun tí Autostart lè ṣe sí i, oorun sì tún lè fà á gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì:
15 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí èyí tó kéré jù ú. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní irú fóònù tèmi gẹ́lẹ́, ó ní òun ò rí Autostart nínú tòun rárá. Ibo ló lè wà?

Atúnfóònùṣe:
Ẹ ní kó wá a nínú áàpù tó ń bójú tó fóònù, èyí tó ní ìgbálẹ̀ àti bátìrì nínú. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́, ká jọ wò ó.