Ìwé ìpàdé àti àkọsílẹ̀ ògbufọ̀ kò bára mu, èwo ni kí n tẹ̀lé?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó wa ní Ìṣẹ̀-Èkìtì bá àwọn olùrà tó ń sọ Faransé ṣèpàdé, èmi ni màá ṣe àkópọ̀ rẹ̀ fún wọn ní ojú ìwé kan. Ìwé ìpàdé ní a máa gbé ọ̀rọ̀ owó lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí a tó fèsì. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ ògbufọ̀, tó jẹ́ ọfà àti àmì fún ìrántí tirẹ̀, ó dà bíi pé a ti gbà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí àwọn olùrà gbọ́ nìyẹn. Ṣé kí n kọ ọ́ sábẹ́ ohun tí a kò tíì pinnu, kí n fi ẹni tí yóò fèsì àti ọjọ́ rẹ̀ sí i? Àbí kí n kọ́kọ́ bi ògbufọ̀ ohun tó sọ gan-an?