Súwíìṣì yìí kò dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí

Kúnlé: Láti àná ni mo ti ń bá súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ kan jà, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan sì tún ń dúró dè mí. Ọ̀gá ti pè mí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹni tó lo irinṣẹ́ wọ̀nyí kẹ́yìn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì gbé ìpè mi. Ojú PuTTY lórí kọ̀ǹpútà mi dúdú kirikiri. Kébù nọ́ọ̀lù módẹ́mù, èyí tó ń pààrọ̀ wáyà 2 àti 3, ni o, èmi fúnra mi ni mo sọ́dà rẹ̀. Kí ló tún kù?

Làmídì: Ó ṣe èmi náà rí! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, àṣé nọ́ńbà COM ni mo ṣì mú.

Kúnlé: COM3 ni, ìyára 9600 ni. Mo ti wò ó.

Ṣadé: Pín 2 sí 3, 3 sí 2, 5 sí 5, ó parí. Ẹ̀ṣọ́ lásán làwọn yòókù.

Bàbá Sọ́dà: Ṣadé, kò tíì parí. Kúnlé, yọ ẹnu kébù lára súwíìṣì, fi ẹnu kejì sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Ki wáyà tín-ín-rín bọ àwọn ihò rẹ̀. Fi dúdú mítà kan pín 5, fi pupa wò 2, kí o tún wò 3. Èyí tó bá ní mínọ́ọ̀sì 5 sí mínọ́ọ̀sì 12 fóòtì, ohùn kọ̀ǹpútà ló ń bá ibẹ̀ jáde. Wo pín ti súwíìṣì náà bẹ́ẹ̀. Ẹnu kì í pàdé ẹnu, etí ló ń pàdé.

Kúnlé: Pín 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì! Ti kébù, mínọ́ọ̀sì 5.8. Ṣùgbọ́n mo pààrọ̀ wáyà wọn dáadáa, mi ò kì í ṣe ọmọdé.

Bàbá Sọ́dà: Kí ló wà lẹ́nu kébù?

Kúnlé: Àdápítọ̀ kékeré kan tí mo bá nínú dúrọ́ọ̀ nìkan. Ẹnu kébù mi fẹ̀ jù, kò wọlé.

Ṣadé: Háà! O ò sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀!

Bàbá Sọ́dà: Àdápítọ̀ yẹn náà ń pààrọ̀ wáyà 2 àti 3. O pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, o padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀.

Kúnlé: Mo yọ ọ́, mo gé rọ́bà ẹnu kébù dànù. Ọ̀rọ̀ ti ń jáde lójú PuTTY! Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá tẹ̀ kò lọ.

Bàbá Sọ́dà: Wáyà mélòó ló wà nínú kébù náà? Kí ló wà ní `Flow control`?

Kúnlé: Mẹ́ta. `RTS/CTS`.

Bàbá Sọ́dà: Kọ̀ǹpútà ń retí àṣẹ lórí pín 8, kò sì sí wáyà níbẹ̀. Yí i sí `None`. Ṣadé, ṣé o rí ẹ̀ṣọ́ rẹ?

Ṣadé: Tó bá jẹ́ `None` ni látìbẹ̀rẹ̀, mẹ́ta tó. Mi ò purọ́.

Kúnlé: Súwíìṣì ti gbọ́. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ṣì dákẹ́.

Bàbá Sọ́dà: Ó lè máa retí fóòtì lórí pín 6 kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, so 4 mọ́ 6 àti 1, kí o sì so 7 mọ́ 8.

Làmídì: Wo nọ́ńbà COM náà o.

Kúnlé: Ẹ̀gbọ́n Làmídì, ẹ jọ̀ọ́. Irin sọ́dà ń gbóná lọ́wọ́, mò ń bọ̀.