Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi, kò dé ọ̀dọ̀ màámi

Àdùkẹ́, Peckham: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Mo fi igba pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí màámi n'Íbàdàn láàárọ̀ àná, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn. Áàpù ń sọ pé "Delivered", àlẹ́ẹ̀tì kankan ò wọlé. Ṣé kí n tún fi òmíì ránṣẹ́ ni? Èwo ló yá jù, èwo ni réètì ẹ̀ dáa?

Ṣadé, Luton: Orúkọ ni. Orúkọ ilé ọkọ lo kọ, orúkọ ilé bàbá wọn ló wà ní báǹkì.

Bàbá Ìbejì, Leeds: Tó bá jẹ́ orúkọ, wọn ì bá ti dá a dúró, kò ní kọ "Delivered". Àdùkẹ́, má tíì fi òmíì ránṣẹ́ o. Ní kí màmá wo báláǹsì, owó lè wọlé kí àlẹ́ẹ̀tì má wọlé. Tí kò bá sí níbẹ̀, béèrè Session ID lọ́wọ́ àwọn tó o fi ránṣẹ́, nọ́ńbà gígùn ni, díjíìtì 30 ló wà nínú ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí áàpù ẹ kọ́ o, tiwọn nìyẹn, báǹkì ilé ò lè fi wá nǹkan kan. Session ID ni kí wọ́n gbé lọ sí báǹkì màmá.

Tùndé, Manchester: Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wàhálà. Ọ̀rẹ́ mi ló ń gba pọ́n-ùn lọ́wọ́ mi níbí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á san náírà nílé, kíá ni, réètì ẹ̀ sì ju ti gbogbo áàpù yín lọ.

Ìyá Kíkẹ́, Croydon: Tùndé, rọra o. Èmi ni mo san náírà nílé fún màmá ẹnì kan, ni pọ́n-ùn bá wọlé sí akáǹtì mi lórúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Àṣé owó tí wọ́n lu ẹlòmíì ní jìbìtì gbà ni! Báǹkì ti akáǹtì mi pa, tòun ti owó oṣù àti rẹ́ǹtì.

Tùndé: Ẹ̀yin lẹ ò mọ ẹni tẹ́ ẹ bá ṣe, mà. Èmi àti tèmi jọ lọ ilé ìwé ni.

Ìyá Kíkẹ́: Ọ̀rẹ́ ẹ lo mọ̀. Ṣé o mọ ẹni tí ọ̀rẹ́ ẹ ń gbowó lọ́wọ́ ẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Ti réètì, àwọn tó ń pariwo pé àwọn ò gba ṣáájì, inú réètì ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Ká sọ pé ọ̀kan ò gba nǹkan kan, ó ń san 1,950 lórí pọ́n-ùn kan, igba pọ́n-ùn á di 390,000 náírà. Èkejì yọ pọ́n-ùn mẹ́ta ó wá san 2,000, 197 tó kù á di 394,000. Náírà tó máa dé ọwọ́ màmá ni kó o wò. Réètì gíga tí wọ́n fi ń fa kọsitọmá tuntun, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sábà máa ń fúnni.

Ṣadé: Bàbá, ṣé Ìjẹ̀bú ni yín ni? Nítorí 4,000!

Bàbá Ìbejì: Ìjẹ̀bú-Igbó, tọkàntọkàn.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an sà. Báláǹsì ò yí padà. Mo ti béèrè Session ID yẹn, wọ́n ní kí n dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé wọ́n máa ń tètè fèsì?

Tùndé: 4,000 náírà yẹn ò lè ra àmàlà kan ní Peckham o. Ẹ wá sí Manchester, tiwa lọ́ràá, ó sì ní gbẹ̀gìrì.

Ìyá Kíkẹ́: Gbẹ̀gìrì Manchester! Omi ẹ̀wà lásán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá gidi ẹ̀ kiri ní ìlú yìí, tó bá di ọjọ́ Sátidé báyìí Bódìjà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ṣadé: Ti Luton ńkọ́?

Tùndé: Ẹ ní àmàlà ní Luton?